Nígbà Tí Dáṣíbọ̀ọ̀dù Bá Ní Ilẹ̀kùn Tí Ẹ Ti Tì Ṣí Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ wà ní títì, ẹ tilẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti tún wọn gbá lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ iná pupa kékeré kan kọ̀, kò kúrò níwájú yín. Bí ẹ bá ń lọ, ọkọ̀ ń ké sí yín létí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná inú ọkọ̀ kò kú, gbogbo ẹni tó wà lójú títì sì ń rí yín kedere. Inú á bí àwọn kan, wọ́n á ní kí rewáyà gé wáyà rẹ̀ dànù. Àwọn mìíràn á lẹ nǹkan mọ́ àmì náà lójú, wọ́n á máa bá tiwọn lọ.

Méjèèjì ló léwu. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí tó wọ inú súwíìṣì kan tí kò tó orí àtàǹpàkò ló fa gbogbo wàhálà náà, owó tí a ó sì fi fọ̀ ọ́ kò tó nǹkan. Àmọ́ kí á tó pe iná náà ní onírọ́, ó yẹ ká mọ ohun tó ń sọ, ká mọ ibi tó ti gbọ́ ọ, ká sì mọ bí a ṣe ń dá òótọ́ rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí irọ́.

Àmì mẹ́ta

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í ya àmì bó ṣe wù wọ́n. Ìlànà àgbáyé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ISO 2575, òun ló sọ bí àwọn àmì orí dáṣíbọ̀ọ̀dù ṣe máa rí. Ìdí nìyẹn tí àmì inú ọkọ̀ tó ti Japáànù wá fi jọ ti èyí tó ti Jámánì wá.

Àmì ilẹ̀kùn jẹ́ àwòrán ọkọ̀ bí ẹni tó wà lókè ṣe máa rí i, pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ tó yọ síta lọ́tùn-ún àti lósì. Àmì bùútù jẹ́ ọkọ̀ tí a wò láti ẹ̀gbẹ́, tí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ gbé sókè. Àmì bọ́nẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ ọkọ̀ tí a wò láti ẹ̀gbẹ́, àmọ́ ìdérí iwájú ló gbé sókè níbẹ̀. Méjì tó gbẹ̀yìn yìí jọra débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ dá ọkọ̀ dúró, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣí bùútù, kí ẹ sì wo àmì tó máa tàn. Àwọn ọkọ̀ kan kì í ya àwòrán rárá, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá lè kọ DOOR AJAR fún ilẹ̀kùn, HOOD OPEN fún bọ́nẹ́ẹ̀tì, TRUNK OPEN fún bùútù, tàbí LIFTGATE fún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jíìpù.

Ohun kan wà tó ń da àwọn ènìyàn láàmú níbí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àmì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì máa ń kó bùútù mọ́ ọn nígbà mìíràn. Àmì náà á ní nǹkan kan ṣí, kò ní sọ èyí tó ṣí. Àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn ń ya àwòrán tó fi ilẹ̀kùn tó ṣí gan-an hàn, ìyẹn sì ti dín wíwá kiri kù.

Súwíìṣì ló ń sọ̀rọ̀

Àmì orí dáṣíbọ̀ọ̀dù kò rí ilẹ̀kùn. Súwíìṣì ló ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ohun tí súwíìṣì bá sì wí ni yóò gbé síta. Nínú àwọn ọkọ̀ ọjọ́ tó ti pẹ́, súwíìṣì yìí wà lára òpó tí ilẹ̀kùn ń gbá mọ́. Ó dà bí bọ́tìnnì tí rọ́bà bò lórí: ilẹ̀kùn á tẹ̀ ẹ́ wọlé bó bá ti padé, á sì yọ síta bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ẹ lè fi ìka yín tẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn, wọ́n ti gbé súwíìṣì náà sínú lọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, nínú ikùn ilẹ̀kùn, níbi tí ojú kò ti lè tó o.

Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, tí ẹ wo etí rẹ̀, ẹ ó rí ihò kan níbẹ̀, pẹ̀lú irin tó tẹ̀ bí ìwọ̀ nínú rẹ̀. Ìwọ̀ yìí ló ń gbá irin tó wà lára òpó ọkọ̀ mú. Ìgbésẹ̀ méjì ló fi ń gbá a mú. Bí ilẹ̀kùn bá kọ́kọ́ wọlé, ìwọ̀ á ró "kàì" lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé ó ti dì í mú díẹ̀, kí ilẹ̀kùn má baà là gbàgà lójú ọ̀nà. Bó bá wọlé tán, á ró "kàì" lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yẹn ló tó dì í mú pinpin. Súwíìṣì ń dúró de ìró kejì ni. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tó dúró sí ìró àkọ́kọ́ lè dà bí èyí tó ti padé lójú ẹni tó wà nínú ọkọ̀, àmọ́ òótọ́ ni dáṣíbọ̀ọ̀dù ń sọ bó bá ní ó ṣí.

Nínú súwíìṣì yìí, ojú irin kéékèèké méjì ló wà, tí wọ́n ń kan ara wọn tí wọ́n sì ń fi ara wọn sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi iná díẹ̀ kín-ún ránṣẹ́ síbẹ̀, ó sì ń wò ó bóyá iná náà kọjá. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, bí ojú méjèèjì bá kanra, ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn ti padé. Nínú àwọn mìíràn, bí wọ́n bá kanra, ilẹ̀kùn ṣí ni. Nínú irú ti àkọ́kọ́, ìdọ̀tí tó bá dúró láàárín wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n kanra, kọ̀ǹpútà á sì rò pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Nínú irú kejì, ọ̀pá kékeré tó ń ti súwíìṣì lè há sínú gíríìsì tó ti gan, tàbí kí omi máa gbé iná kọjá níbi tí kò yẹ, ohun kan náà ni dáṣíbọ̀ọ̀dù á sì sọ.

Ibi tí ìdọ̀tí ti ń wá

Ẹnu lọ́ọ̀kì kò ní ìdérí. Gíríìsì wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, gíríìsì yìí sì ni eruku ń lẹ̀ mọ́. Ní àkókò ọyẹ́, àti lójú ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí, eruku pupa ń wọlé díẹ̀díẹ̀ títí tí gíríìsì á fi di ẹrẹ̀ dúdú tó ki. Ọ̀pá súwíìṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, nígbà tó bá yá kò ní padà sípò rẹ̀ mọ́.

Omi ni ìkejì. Bí òjò bá ń rọ̀, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì fèrèsé wọ inú ilẹ̀kùn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí omi lè máa jáde. Bí ẹrẹ̀ bá dí ihò wọ̀nyẹn, omi á dúró sínú ilẹ̀kùn, ọ̀rinrin á sì máa jẹ ojú súwíìṣì. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀, tí wọ́n ń da ẹnu páìpù kọ etí ilẹ̀kùn tààrà, ń fi ipá ti omi àti yanrìn síbẹ̀ ni. Tòkunbọ̀ mìíràn sì wà tó gbé àìsàn yìí wá láti òkèèrè: ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, omi oníyọ̀ sì ń mú kí irin àti ojú iná tètè dógùn-ún.

Ohun tí a fi ń mọ ìdọ̀tí ni pé kì í dúró sójú kan. Àmì á tàn lówùúrọ̀, á sì kú lọ́sàn-án bí oòrùn bá ti ràn. Á tàn lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ ọkọ̀. Á kú bí ẹ bá fi ìgbónwọ́ gbá ilẹ̀kùn, á sì tún tàn bí ẹ bá kó sí kòtò. Súwíìṣì tó ti kú pátápátá kì í ṣe bẹ́ẹ̀; ó sábà máa ń dúró sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ ni

Bí àmì bá tàn, ẹ wá ibi tó dára dúró sí, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún un tì dáadáa. Ẹ wò ó bóyá bẹ́líìtì ìjókòó, ẹsẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì tàbí etí aṣọ há sí i. Ẹ dúró níta, kí ẹ wò ó bóyá ara ilẹ̀kùn náà tẹ́jú pẹ̀lú ara ọkọ̀ tó kù. Èyí tó bá yọ díẹ̀ síta kò tíì dé ìró kejì. Bí ọkọ̀ bá ti forí gbá nǹkan rí, ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ti sọ̀, tàbí kí irin ara òpó ti ṣípò.

Ìtàn ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà jẹ́ ká rí apá méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2014, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú pópó níbẹ̀, NHTSA, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí Ford Edge ọdún 2011 sí 2013, nítorí pé àwọn tó ni ín ń fẹjọ́ sùn pé àmì ilẹ̀kùn kì í kú bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ti padé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ kan náà pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì padà, àwọn oríṣi mìíràn, nítorí pé ohun tó ń di sípíríǹgì mú nínú lọ́ọ̀kì wọn lè ṣẹ́, ilẹ̀kùn sì lè ṣí lórí eré. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò lè fi àmì nìkan mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ká yẹ ọkọ̀ kan wò

Ká sọ pé jíìpù tòkunbọ̀ kan ni, tí olówó rẹ̀ ń lò ní Abẹ́òkúta. Ọyẹ́ ti mú, wọ́n fọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, àmì ilẹ̀kùn ti tàn. Àmì kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo ilẹ̀kùn. Olówó ọkọ̀ ti tún gbogbo wọn tì, kò sí ohun tó há, gbogbo wọn sì tẹ́jú.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣẹjọ́. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ iná láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan jókòó kó máa wo dáṣíbọ̀ọ̀dù. Kí ẹnì kejì dúró níta, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wọnú gidi, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Nínú ọkọ̀ wa yìí, ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn apá òsì ni àmì náà ṣẹ́jú, ó kú, ó tún tàn. Wọ́n ti mú un.

Ohun kejì ni láti mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ni kò wọlé tán, tàbí súwíìṣì ni kò sọ òótọ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀, kí àwọn yòókù wà ní títì. Ẹ fi ẹnu súkúrú-díráfà ti ìwọ̀ inú lọ́ọ̀kì bí irin òpó ṣe máa tì í, títí ẹ ó fi gbọ́ "kàì" lẹ́ẹ̀mejì. Lójú lọ́ọ̀kì, ilẹ̀kùn ti padé báyìí, bó tilẹ̀ là sílẹ̀. Bí àmì bá kú, tó sì dúró bẹ́ẹ̀, súwíìṣì kò ní ẹ̀bi: irin ara òpó ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn wọlé tán, ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe sì lè tú u díẹ̀ kó sún un sípò. Bí àmì kò bá kú, tàbí tó ń ṣẹ́jú bí ẹ ṣe ń fi ìdí súkúrú-díráfà kan lọ́ọ̀kì jẹ́jẹ́, inú lọ́ọ̀kì ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọkọ̀ tiwa, ṣíṣẹ́jú ló ń ṣẹ́jú. Ìdọ̀tí ni.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn kí ìwọ̀ náà lè padà sílẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ gbá ilẹ̀kùn náà nígbà tí ìwọ̀ ṣì wà ní pípadé, irin òpó á lu lọ́ọ̀kì lẹ́nu, ẹ ó sì ra ohun tí ẹ kò bá má rà.

Ohun kẹta ni fífọ̀. Ẹ pa iná ọkọ̀. Ẹ lo oògùn ìfín tí àwọn rewáyà fi ń fọ ojú iná, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtáàtì kílínà. Ó máa ń gbẹ láìfi òróró sílẹ̀, ó sì ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè wọ ẹnu lọ́ọ̀kì. Ẹ fín in sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi súkúrú-díráfà ti ìwọ̀ padé, kí ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn kó ṣí, kí ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà ogún. Omi dúdú á máa ṣàn jáde. Ẹ nù ún, kí ẹ tún fín in, títí ohun tó ń jáde á fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn là sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kó gbẹ, lẹ́yìn náà ẹ tún dán an wò. Bí àmì bá ti kú, ẹ fi gíríìsì funfun díẹ̀ pa ojú ìwọ̀ nìkan, kò gbọ́dọ̀ pọ̀.

Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iná wà nítòsí, bẹntiróòlù sì ń ba rọ́bà àti pílásítíìkì inú lọ́ọ̀kì jẹ́. Òróró ẹ́ńjìnnì náà kò dára, nítorí pé eruku tuntun ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. WD-40 lè tú ìdọ̀tí kúrò, àmọ́ ó ń fọ gíríìsì lọ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi gíríìsì pa ìwọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèkánná. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àwọn ihò omi tó ti dí, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń fọ ọkọ̀ pé kí wọ́n má da ẹnu páìpù kọ ẹnu lọ́ọ̀kì mọ́.

Bí àmì bá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú súwíìṣì lè ti jẹ tán. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọn kì í ta súwíìṣì náà lọ́tọ̀, lọ́ọ̀kì odindi ni a ń rà, rewáyà á sì tú pátákó inú ilẹ̀kùn kó tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Kó tó tú u, kó kọ́kọ́ mi ọ̀pá rọ́bà tí wáyà gbà wọ inú ilẹ̀kùn, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń tẹ̀. Bí àmì bá ṣẹ́jú níbẹ̀, wáyà ló já, lọ́ọ̀kì kò ṣẹ̀.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bùútù

Súwíìṣì bọ́nẹ́ẹ̀tì wà nítòsí lọ́ọ̀kì rẹ̀, níwájú pátápátá, níbi tí eruku, ẹrẹ̀ àti ooru ẹ́ńjìnnì ti ń bá a. Irọ́ rẹ̀ sábà máa ń jáde lóru: àláàmù á ké láìsí ẹni tó fọwọ́ kan ọkọ̀, nítorí ó rò pé ẹnì kan ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fífọ̀ rẹ̀ rọrùn ju ti ilẹ̀kùn lọ, nítorí pé ojú ń tó o. Ṣùgbọ́n bí àmì rẹ̀ bá tàn lórí eré, ẹ má rò pé irọ́ ni. Ìkọ́ kejì wà tó ń di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú bí lọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ bá tú, òun nìkan ló sì kù láàárín yín àti ìdérí tó lè gbá gíláàsì iwájú. Ẹ dín eré kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí ẹ kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ sì lọ wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá jẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì já bọ́ láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sókè, á há dáadáa.

Ní ti bùútù, lọ́ọ̀kì rẹ̀ lè dọ̀tí, àmọ́ wáyà tó gba ìdí ìdérí kọjá náà ń já, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé bùútù ṣí lóòótọ́, ewu rẹ̀ ju kí ẹrù já bọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń fa èéfín sálẹ́ńsà wọlé, gáàsì olóró inú èéfín náà kò sì ní òórùn. Ẹni tó kó ẹrù ọjà tó fi okùn so bùútù yẹ kó rántí èyí kó tó rìnrìn àjò jíjìn.

Ohun tí àìkọbiara ń náni

Bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Gílóòbù inú ọkọ̀ tó jẹ́ wáàtì 10 ń fa nǹkan bí áńpù 0.8. Bátìrì áńpù-wákàtí 60 yóò dín kù sí ìdajì láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan ààbọ̀, nípa ti gílóòbù yẹn nìkan. Lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ kan máa ń pa iná náà fúnra wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò lè sùn bí wọ́n bá rò pé ilẹ̀kùn ṣí. Ọkọ̀ tó ti sùn kì í sábà fa ju áńpù 0.05 lọ, èyí tí kò sùn lè fa áńpù mẹ́ta. Ní wákàtí mẹ́wàá òru, áńpù mẹ́ta ti kó ìdajì bátìrì lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra bátìrì tuntun nítorí èyí, bátìrì tuntun náà sì tún kú.

Lọ́ọ̀kì àti àláàmù ló kàn. Àwọn ọkọ̀ kan kì í gbà kí rìmóòtì ti ilẹ̀kùn bí wọ́n bá rò pé ọ̀kan ṣí, àwọn mìíràn kì í ti ara wọn bí ọkọ̀ bá gbéra. Ẹni tó bá sì gé wáyà, tàbí tó so ó pọ̀ kí àmì lè kú títí láé, ti sọ súwíìṣì tó ń purọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan di èyí tí kò ní sọ òótọ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá dúró sí ìró àkọ́kọ́, tí ọmọdé sì fara tì í, kò sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún awakọ̀.

Nítorí náà, bí rewáyà bá ní kí òun gé wáyà, ẹ kọ̀ fún un. Ẹ ní kó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò, kó fi súkúrú-díráfà dán lọ́ọ̀kì wò, kó fọ̀ ọ́, kó tó sọ̀rọ̀ pààrọ̀ ohunkóhun. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kò ní ṣe àtakò.